Máníjà àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ nínú yàrá kan: ibo ni kí ọ̀rọ̀ jinlẹ̀ dé?

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹnjiníà ni mí, ìlò iná àti afẹ́fẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ni mo máa ń yẹ̀ wò. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, màá bá ènìyàn méjìlélógún sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan àtààbọ̀ ní ilé-iṣẹ́ bisikíìtì kan ní Ọ̀tà, lórí afẹ́fẹ́ kọ̀mpírẹ́sọ̀ tó ń jò. Máníjà ni mẹ́jọ nínú wọn, oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni àwọn yòókù. Nígbà tí mo ṣe irú rẹ̀ kẹ́yìn, àwọn máníjà ń tẹ fóònù, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń wo òrùlé. Báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tí wọ́n ti mọ̀ ṣáájú, kí n lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ mi yóò jinlẹ̀ dé?"

Ẹ kú ìmúra o. Fóònù tí wọ́n ń tẹ̀ àti òrùlé tí wọ́n ń wò yẹn kò túmọ̀ sí pé ohùn yín kò dùn tàbí pé ọ̀rọ̀ gùn jù. Bí mo ṣe gbọ́ ọ sí, èrò kan ló fà á tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún ènìyàn máa ń gbé wọlé láìfura: a máa ń fi ìmọ̀ wé àkàbà, a ó to àwọn máníjà sí ìsàlẹ̀, a ó to àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sí òkè, a ó wá wá àárín méjèèjì dúró sí. Àárín yẹn kò sí. Máníjà ìṣúná tí kò mọ ohun tí fáàfù ń ṣe lè sọ fún yín láìwo ìwé iye tí wọ́n san fún iná lóṣù tó kọjá àti iye tí dísẹ́ẹ̀lì gbà lé e. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ tí ó lè fi etí lásán mọ ìsopọ̀ tó ń jò láti òdìkejì gbọ̀ngàn lè má tíì fojú kan ìwé owó iná yẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbà á síṣẹ́. Ìmọ̀ wọn kò ga ju ara lọ. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń wo ẹ̀rọ kan náà. Bí ẹ bá dúró sí àárín, ẹ ó sọ ohun tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti mọ̀ fún un, ẹ ó sì sọ ohun tí máníjà kò tíì rí ìlò rẹ̀ fún un, ohun tí ẹ sì rí nìyẹn.

Mo sọ èyí pẹ̀lú ìdánilójú nítorí pé ó ti ná mi ní nǹkan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo bá ilé-iṣẹ́ kan ṣe irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe yìí gan-an. Kílówáàtì 37 ni kọ̀mpírẹ́sọ̀ wọn, tọ̀sán-tòru ló ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí 300 ọjọ́ lọ́dún. Nígbà tí a wọn jíjò rẹ̀, ìdá 25 nínú 100 agbára rẹ̀ ló ń bá ihò lọ, mo sì sọ pé a lè fà á wálẹ̀ sí ìdá 10, èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ dáadáa lè dé láìsí wàhálà. Mo ṣírò owó rẹ̀ lójú wọn: ìdá 15 nínú 100 kílówáàtì 37 jẹ́ nǹkan bí 5.5, ẹ fi wákàtí 7,200 sọ ọ́ di púpọ̀, ó súnmọ́ yúnítì 40,000 lọ́dún. Bí yúnítì kan bá jẹ́ ₦200, mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà nìyẹn. Àwọn máníjà wo ara wọn, wọ́n fọwọ́ sí owó iṣẹ́ náà kí a tó jẹun ọ̀sán. Ohun tí mo fò nínú ọ̀rọ̀ mi ni pé irú kọ̀mpírẹ́sọ̀ tí wọ́n ń lò kì í kú nígbà tí afẹ́fẹ́ bá kún táǹkì. Ó máa ń yí lófo, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ń pè ní ọ́ńlóòdù, ó sì lè máa jẹ ìdá kan nínú mẹ́rin sí ìdá kan nínú mẹ́ta iná tí ó ń jẹ nígbà tí ó ń fún afẹ́fẹ́. Nítorí náà, bí a bá dí ihò, kì í ṣe gbogbo iná yẹn ló máa padà wá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín iná tí ó ń jẹ nígbà tí ó ń fún afẹ́fẹ́ àti èyí tí ó ń jẹ nígbà tí ó ń yí lófo nìkan ló ń padà.

Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì fi ọwọ́ ara mi yọ ọ́ kúrò. Mo rò pé àwọn máníjà kò ní fẹ́ gbọ́ bí mọ́tò ṣe ń yí lófo, mo sì rò pé àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti mọ̀ ọ́n tán, kò yẹ kí n tún un sọ. Èrò méjèèjì tọ̀nà, ibi tí wọ́n gbé mi dé ni kò tọ̀nà. Lẹ́yìn ọdún kan, owó tí ó padà wá kò tó mílíọ̀nù mẹ́fà, máníjà ìṣúná sì béèrè lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ tí ó dunni ju igbe lọ, ibi tí ìyókù wọlé sí. Nígbà tí mo ń jáde, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sìn mí dé ẹnu géètì, ó ní: "Ọ̀gá, mo mọ̀ pé mọ́tò yẹn kì í sinmi, ṣùgbọ́n mo rò pé ẹ ti yọ ọ́ nínú ìṣirò yín ni." Ẹni tó mọ mọ́tò kò mọ̀ pé owó wà níbẹ̀, àwọn tó mọ owó kò mọ̀ pé mọ́tò wà níbẹ̀, èmi tí mo mọ méjèèjì sì fò ó.

Láti ìgbà yẹn ni mo ti jáwọ́ nínú bíbi ara mi léèrè pé báwo ni àwọn ènìyàn yìí ṣe mọ̀ tó. Ìpinnu tí wọ́n fẹ́ ṣe lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi ni mo máa ń kọ sórí ìwé kọ́kọ́, màá wá to gbogbo ohun tí ènìyàn gbọ́dọ̀ gbà pé òótọ́ ni tẹ̀léra wọn kí ó tó lè ṣe ìpinnu náà, bí ìgbà tí a bá ń to ẹ̀wọ̀n. Ní tiyín, mo rò pé ìpinnu àwọn máníjà ni láti fọwọ́ sí owó ìsopọ̀ tuntun àti láti yọ̀ǹda wákàtí díẹ̀ lóṣù tí ẹ̀rọ yóò fi dúró fún àtúnṣe. Ti àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni láti máa rìn yí ilé-iṣẹ́ ká lóòrèkóòrè, kí wọ́n máa so àmì mọ́ ibi tó ń jò, kí wọ́n sì jáwọ́ nínú títi ìwọ̀n ìfúnpọ̀ sókè. Kí ẹnikẹ́ni tó lè gba ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé afẹ́fẹ́ inú páìpù kì í ṣe ọ̀fẹ́, pé jíjò kì í sinmi nígbà tí ẹ̀rọ bá sinmi, pé a lè wọn bí ó ṣe pọ̀ tó, pé títi ìfúnpọ̀ sókè ń mú jíjò pọ̀ sí i, pé yíyí lófo ń jẹ iná, àti pé ihò tí a dí lónìí kò ní kí òmíràn má lu lóṣù tó ń bọ̀. Oríkèé mẹ́fà péré ni. Ìjinlẹ̀ ọ̀rọ̀ yín kò ní jù kí ẹ mọ èyí tí ó sọnù lọ́wọ́ ta, kí ẹ sì lo àkókò yín níbẹ̀. Oríkèé tí ó wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, gbólóhùn kan ló gbà. Èyí tí kò wúlò fún ìpinnu kankan, ì báà dùn mọ́ yín nínú bí oyin, ẹ fi í sílẹ̀ nílé. Mo ní àwòrán kan tó fi bí ìgbóná afẹ́fẹ́ ṣe ń yí padà nínú kọ̀mpírẹ́sọ̀ hàn, mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, kò sì tíì ran máníjà kankan lọ́wọ́ rí.

Bí a ṣe ń mọ oríkèé tí ó sọnù ni iṣẹ́ wà. Ọ̀nà tí ọ̀pọ̀ ń gbà ni láti fi ìwé ìbéèrè ránṣẹ́: "Ṣé ẹ mọ bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́? Ẹ fún ara yín ní máàkì láti 1 dé 5." Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Leonid Rozenblit àti Frank Keil ní Yunifásítì Yale gbé ìwádìí kan jáde nínú èyí tí wọ́n ní kí àwọn ènìyàn fún ara wọn ní máàkì lórí bí wọ́n ṣe mọ iṣẹ́ àwọn nǹkan bíi síìpù aṣọ àti ilé ìyàgbẹ́ olómi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́ ní ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì tún máàkì náà fún ara wọn. Máàkì náà já wálẹ̀. Irọ́ kọ́ ni wọ́n pa ní àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń lo nǹkan lójoojúmọ́ máa ń rò pé òun mọ inú rẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ tiwa, nǹkan mìíràn tún wà lórí ìyẹn. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ wo ni yóò kọ ọ́ sínú ìwé tí ọ̀gá rẹ̀ lè rí pé òun kò mọ iṣẹ́ tí wọ́n ń san owó oṣù lé lórí? Máníjà wo ni yóò sì jẹ́wọ́ lójú àwọn ọmọọṣẹ́ rẹ̀? Nítorí náà, "bẹ́ẹ̀ ni, mo mọ̀ ọ́n" kò sọ nǹkan kan fún yín.

Ẹ̀yin pàápàá kò lè fi ọkàn ara yín díwọ̀n rẹ̀. Ní Yunifásítì Stanford, ní 1990, Elizabeth Newton ní kí àwọn kan máa fi ìka lu orin tí gbogbo ayé mọ̀ lórí tábìlì, kí ẹlòmíràn máa dárúkọ orin náà. Àwọn tó ń lù ú rò pé ìlàjì ni wọn yóò mọ̀. Nínú orin 120 tí wọ́n lù, 3 péré ni wọ́n mọ̀. Orin ń kọ nínú orí ẹni tó ń lù ú, kò sì lè gbàgbé pé òun ń gbọ́ ọ; ìró ìka nìkan ni ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀ ń gbọ́. Nígbà tí ẹ bá sọ pé "ẹ̀rọ náà ń ọ́ńlóòdù", odindi àwòrán ló ń yọ sí yín lọ́kàn: fáàfù ẹnu rẹ̀ pa dé, mọ́tò ń yí, abẹ́rẹ́ ámítà tó ń ka iná wálẹ̀ ṣùgbọ́n kò dé òdo. Ìró ìka nìkan ni máníjà gbọ́.

Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá kọ́kọ́ lọ rìn nínú ilé-iṣẹ́ náà, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ ọ̀rọ̀, láìsí ìwé ìbéèrè kankan lọ́wọ́ mi. Àwọn nǹkan tí ènìyàn fi ọwọ́ ṣe ń sọ ohun tí ó mọ̀. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo lọ, mo rí ìsopọ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀rọ ìdì, wọ́n ti fi rọ́bà tíúbù táyà kẹ̀kẹ́ dì í yíká, ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọ́n sì fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ so ó mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ afẹ́fẹ́ ń fẹ́ irun ọwọ́ mi nígbà tí mo na ọwọ́ síbẹ̀. Ẹni tó dì í mọ̀ pé ó ń jò, ó mọ ibi tó ti ń jò, ó sì mọ̀ pé kò dára kí ó máa jò. Mo wá béèrè ìdí tí wọn kò fi pààrọ̀ rẹ̀. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti kọ̀wé béèrè fún ìsopọ̀ tuntun ní sítóò, kò sì sí èsì. Ká ní mo ti wá síwájú ọkùnrin yẹn láti kọ́ ọ pé jíjò burú, òrùlé ni ì bá wò. Kò ṣaláìní ìmọ̀. Ìsopọ̀ tuntun kan ni kò ní, ẹni tí ó lè fọwọ́ sí i sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn máníjà tí yóò jókòó sí yàrá kan náà. Ẹ wo géèjì lára kọ̀mpírẹ́sọ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ̀rọ ìdì bá nílò ìfúnpọ̀ báà 6, tí ẹ sì rí i pé 8.5 ni wọ́n tì í sí, ẹ ti mọ̀ láìbéèrè pé ẹnìkan ń fi ìfúnpọ̀ wo àìsàn jíjò sàn, oríkèé kẹrin ló sì sọnù. Ẹ wo ìwé tí wọ́n ń kọ wákàtí iṣẹ́ sí. Bí wákàtí fífún afẹ́fẹ́ àti wákàtí yíyí lófo bá wà ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ níbẹ̀, ẹnìkan mọ ìyàtọ̀ wọn. Bí wákàtí àpapọ̀ nìkan bá wà, ẹ ó ṣàlàyé rẹ̀.

Lẹ́yìn ìrìn yẹn, ẹ bá ènìyàn márùn-ún sọ̀rọ̀, máníjà méjì àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ mẹ́ta, ìṣẹ́jú mẹ́wàá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí olúkúlùkù wà ní òun nìkan. Ẹ má jẹ́ kí ó jẹ́ àwọn tí ilé-iṣẹ́ yàn fún yín nìkan, nítorí àwọn tó mọ̀ jù ni wọn yóò yàn. Ẹ wá ẹni tó pẹ́ dé jù nínú àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ sì wá ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ òru. Ẹ má bi wọ́n bóyá wọ́n mọ nǹkan. Ẹ gbé ọ̀ràn kalẹ̀ fún wọn. Mo máa ń sọ fún oníṣẹ́ ẹ̀rọ pé: "Ká ní wọ́n pè yín láti ẹ̀rọ ìdì kejì pé afẹ́fẹ́ kò tó, kí ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe?" Ẹni tó dáhùn pé "màá gbé ìfúnpọ̀ sókè díẹ̀ nítorí pé páìpù ibẹ̀ jìn" ní ìdí tó dára fún ohun tí kò dára, ẹ sì lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ jíròrò jinlẹ̀: báà kan tí a bá fi kún un ń fi nǹkan bí ìdá 7 nínú 100 kún iná tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ ń jẹ, kí a tó ka afẹ́fẹ́ tí ó tún ń gba inú ihò jáde sí i. Ẹni tó dáhùn pé "màá lọ wá ibi tó ń jò" ṣùgbọ́n tí kò lè sọ ìdí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ó ti gbọ́ pé ìdáhùn tí ẹ ń wá nìyẹn. Ìdí ni kí ẹ máa gbọ́, kì í ṣe ìdáhùn. Fún máníjà, mo máa ń béèrè pé: "Lọ́jọ́ Àìkú tí gbogbo ẹ̀rọ dúró, bí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá wà ní títàn, ṣé ẹ rò pé ó ń ná yín ní nǹkan?" Èsì tí mo máa ń gbọ́ jù ni pé kò lè ná wọn tó nǹkan, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lò ó. Nígbà náà ni mo mọ̀ pé láti oríkèé kejì ni mo gbọ́dọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ fún wọn. Ẹ tún máa kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n lò sílẹ̀. Bí gbogbo wọn bá ń pè é ní "ẹ́à", ẹ má wá fi "afẹ́fẹ́ ìfúnpọ̀" dá wọn lágara.

Nígbà tí ẹ bá to àwọn èsì yìí sí ẹ̀gbẹ́ oríkèé mẹ́fà yẹn, ẹ ó rí i pé ohun tó jẹ́ àìmọ̀ fún ẹgbẹ́ kan ni ó máa ń wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kejì. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yàn láti kó wọn jọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé pípín wọn sí méjì ní àǹfààní tirẹ̀. Slava Kalyuga, John Sweller àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ ní 2003 pé àlàyé kíkún tó ń ran ẹni tí kò mọ̀ lọ́wọ́ lè di ẹrù fún ẹni tó ti mọ̀, tí yóò sì mú kí ó ṣe burú ju bí ó ṣe yẹ kó ṣe lọ. Nítorí náà, bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ láti kọ́ àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró jíjò, ẹ pín wọn; máníjà kò ní ohun tí yóò fi ìyẹn ṣe, jíjókòó ọ̀gá níbẹ̀ yóò sì pa ìbéèrè mọ́ wọn lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí ìpinnu kan bá nílò ìmọ̀ ẹgbẹ́ méjèèjì, pípín wọn ni yóò tún mú ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi ṣẹlẹ̀. Nígbà kejì tí mo sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn, mi ò ṣàlàyé yíyí lófo fúnra mi. Mo ti sọ fún àgbà oníṣẹ́ ẹ̀rọ kan ní ọjọ́ tó ṣáájú pé màá bi í, kí ó má bàa dà bí ẹni pé mo fẹ́ dán an wò níwájú ọ̀gá. Mo bi í pé kí ni abẹ́rẹ́ ámítà máa ń ṣe nígbà tí kọ̀mpírẹ́sọ̀ bá ṣíwọ́ fífún afẹ́fẹ́. Ó ní: "Ó máa ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n kì í dé òdo, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ ló máa ń dúró sí." Mo wá yíjú sí máníjà ìṣúná, mo ní kí ó bá wa ṣírò ìdá kan nínú mẹ́ta yẹn fún ọdún kan. Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ìgbà yìí láti fi ṣírò owó. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré ni, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ ohun tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Bí ẹ tilẹ̀ ti rìn, tí ẹ sì ti bi wọ́n, ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà tún un yẹ̀ wò, nítorí ènìyàn mẹ́tàdínlógún wà tí ẹ kò tíì gbọ́ ohùn wọn. Ẹ pín ìwé pélébé fún gbogbo wọn, láìkọ orúkọ sí i, kí ẹ sì bi wọ́n pé ihò kan tó fẹ̀ tó mílímítà 3, lára páìpù tó wà ní báà 7, èló ni yóò ná ilé-iṣẹ́ lọ́dún: ₦40,000, ₦400,000 tàbí mílíọ̀nù mẹ́rin? Ihò bẹ́ẹ̀ ń jẹ nǹkan bíi kílówáàtì 3. Fún wákàtí 7,200, yúnítì 21,600 ni, ní ₦200 ó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin. Ẹ ka iye ènìyàn tó mú ìdáhùn kọ̀ọ̀kan sókè. Bí ọ̀pọ̀ bá mú èyí tó kéré, ẹ dúró síbi owó náà kí ẹ ṣírò rẹ̀ lójú wọn. Bí ọ̀pọ̀ bá mọ̀ ọ́n, ẹ fo ojú ìwé yẹn, kí ẹ sì lo àkókò náà fún yíyí lófo. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ẹ gbọ́dọ̀ ti múra ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀ ní ọ̀nà tí abala méjì tàbí mẹ́ta fi lè yọ kúrò láìba ìyókù jẹ́. Nígbà tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lọ, ẹ má fi mímì orí ṣe ẹ̀rí. Àwa Yorùbá máa ń mi orí fún ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kí ojú má bàa tì í. Ẹ̀rí tó ṣeé gbà ni kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ parí gbólóhùn yín ṣáájú yín, èyí tí ó túmọ̀ sí pé kí ẹ tẹ̀síwájú, tàbí kí máníjà béèrè iye tí ìsopọ̀ kan jẹ́ kí ẹ tó dé ibi iye, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ó ti gba oríkèé tó ṣáájú.

Ohun tí gbogbo èyí kò lè ṣe pọ̀. Ènìyàn márùn-ún kì í ṣe méjìlélógún, ọ̀gá tí ẹ bá sọ̀rọ̀ lè rán igbákejì rẹ̀ wá, ẹni tó wá láti iṣẹ́ òru yóò sì sùn, ì báà jẹ́ pé ìjinlẹ̀ ọ̀rọ̀ yín bá a mu bí aṣọ tí wọ́n rán mọ́ ọn. Nínú yàrá olólùgbọ́ méjìlélógún, ẹni méjì tàbí mẹ́ta yóò gbọ́ ohun tí wọ́n ti mọ̀, ẹni kan tàbí méjì yóò sì ṣì sọnù. Mo máa ń fi ojú ìwé kan tí ìṣirò wà nínú rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó lọ, n kò sì tíì rí ọ̀nà tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìmọ̀ nìkan kò sì tó: bí sítóò kò bá ní ìsopọ̀, kò sí ìjinlẹ̀ ọ̀rọ̀ tí yóò dí ihò.

Nǹkan kan ṣoṣo ni mo máa bẹ̀ yín kí ẹ ṣe kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yín tó pé, nítorí pé òun ni yóò mú kí ìdajì àbá inú yàrá náà di ohun tí a lè rí. Ẹ gba àyè lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú kan tí iṣẹ́ kò sí, pẹ̀lú ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ àti, bó bá ṣeé ṣe, máníjà kan. Ẹ tan kọ̀mpírẹ́sọ̀, ẹ jẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ yòókù dúró, kí ẹ sì fi aago ka ìṣẹ́jú tí ó fi ń fún afẹ́fẹ́ àti ìṣẹ́jú tí ó fi ń yí lófo, ní ìgbà márùn-ún tàbí mẹ́fà, kí ẹ wá àárín wọn. Bí ó bá fún afẹ́fẹ́ fún ìṣẹ́jú 2 tí ó sì yí lófo fún ìṣẹ́jú 6, ẹ pín 2 sí 8: ìdá 25 nínú 100 agbára rẹ̀ ni jíjò ń gbà. Bí ó bá jẹ́ irú kọ̀mpírẹ́sọ̀ tuntun tí ń yí eré mọ́tò rẹ̀ padà fúnra rẹ̀, ọ̀nà yìí kò ní ṣiṣẹ́, ẹ ó ní láti pa á, kí ẹ ka bí ìfúnpọ̀ inú táǹkì ṣe ń já wálẹ̀. Jẹ́ kí máníjà yẹn ni yóò di aago mú, kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ máa pe "ó ti bẹ̀rẹ̀" àti "ó ti dúró", kí ẹ̀yin dákẹ́, kí ẹ sì máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń bi ara wọn.